Ọmọ tí a rán lọ sọ́dọ̀ òyìnbó: bí a ṣe ń fi ìwé Achebe àti ìwé Ngũgĩ wéra

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí níbí n'Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n kọ àròkọ tí yóò fi Arrow of God ti Chinua Achebe wé The River Between ti Ngũgĩ wa Thiong'o, lórí bí ìjọba amúnisìn ṣe da ìlú rú. Mo kọ ojú ewé mẹ́fà, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi kọ ọ́ sí i pé ìtàn méjì ni mo sọ, n kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́, báwo sì ni mo ṣe lè tún un ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, n kò rí àròkọ rẹ, ṣùgbọ́n mo ti yẹ irú rẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ní ìlú yìí, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ojú ewé mẹ́ta lórí Ezeulu, a fi ọ̀rọ̀ náà "bákan náà" ṣe afárá, a kọ ojú ewé mẹ́ta mìíràn lórí Waiyaki, lẹ́yìn náà a kádìí rẹ̀ pé àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì fi hàn wá pé òyìnbó ba àṣà wa jẹ́. Láti mọ̀ bóyá tìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀, mú ìpínrọ̀ kan, kí o fi ọwọ́ bo gbogbo ibi tí o ti mẹ́nu kan ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì. Bí ìyókù bá ṣì dúró digbí tí ó sì nítumọ̀, a jẹ́ pé kò sí ìfiwéra níbẹ̀. Ìpínrọ̀ tó ń fi nǹkan wéra máa ń wó lulẹ̀ ni bí a bá yọ ìwé kan kúrò, nítorí pé ohun tí ó ń sọ nípa ìwé àkọ́kọ́ kò ṣeé rí àyàfi tí èkejì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́ ni pé "bí ìjọba amúnisìn ṣe da ìlú rú" ti fẹ̀ jù láti jẹ́ òṣùwọ̀n. Gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa àkókò yẹn ló wọ inú rẹ̀. Ohun tí o nílò ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó tí ó wáyé nínú ìwé méjèèjì, tí àwọn òǹkọ̀wé náà wá mú gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì fara pamọ́: nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, baba kan tó jẹ́ olùtọ́jú ohun mímọ́ ìlú rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Ezeulu ni olórí àlùfáà Ulu ní Umuaro, ìlú abúlé mẹ́fà kan ní ilẹ̀ Igbo. Chege jẹ́ àgbà ní Kameno, ní ilẹ̀ Gĩkũyũ ní Kẹ́ńyà, ẹni tí ìran rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wòlíì. Ní ọdún 1964 ni ìwé Achebe jáde, ti Ngũgĩ sì tẹ̀ lé e ní 1965, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń kọ̀wé ní àkókò kan náà ni wọ́n, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, èkejì ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, tí ìbéèrè kan náà sì ń dùn wọ́n lọ́kàn.

Àwa ará Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí ìbéèrè yìí. Nígbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé Kúdẹ̀tì ní ọdún 1853, Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè kọ́ ìwé. Má fi èyí sínú àròkọ rẹ, nítorí ìlú ibòmíràn ni ìwé méjèèjì ń sọ. Fi sí ọkàn nígbà tí o bá ń kà á, kí o má baà rò pé ìwà òmùgọ̀ ni baba wọ̀nyẹn hù. Àwọn tó ń rán ọmọ wọn lọ ní ìdí tí ó nípọn, àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì sì jẹ́ kí a gbọ́ ìdí náà láti ẹnu wọn.

Gbé ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ méjèèjì kalẹ̀ kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ezeulu sọ fún Oduche pé òun fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun lọ máa ṣe ojú fún òun láàárín àwọn ènìyàn náà. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ó padà wálé, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá wà níbẹ̀, kí ó mú ìpín òun wá. Ó fi kún un pé ayé dà bí eégún tó ń jó, ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa kì í dúró sójú kan. Chege ní tirẹ̀ mú Waiyaki gun òkè lọ sí ibi igi mugumo, ó fi ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ hàn án, ó sì sọ àsọtẹ́lẹ̀ Mugo wa Kibiro fún un, pé àwọn tí aṣọ wọn dà bí labalábá yóò dé, pé kò sẹ́ni tó lè fi àdá gé labalábá, àti pé láti inú ìran wọn ni ẹni tí yóò gba àwọn ènìyàn là yóò ti jáde. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí ọmọ náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ní Siriana, kí ó kọ́ gbogbo ọgbọ́n àti àṣírí òyìnbó, ṣùgbọ́n kí ó má tẹ̀ lé ìwà búburú wọn, kí ó sì di ètò ìṣẹ̀ǹbáyé mú.

Wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ohun tí Ezeulu béèrè ni ìròyìn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gba ìròyìn náà, òun ni yóò sì pinnu ohun tí ìlú yóò fi í ṣe. Ojú lásán ni Oduche, ojú kì í sì í ṣe ẹni tó ń ronú. Ohun tí Chege béèrè ni ènìyàn tuntun kan, ọmọ tí yóò gbé ọgbọ́n òyìnbó àti ètò Gĩkũyũ sínú ara kan ṣoṣo. Tún wo irú ọmọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rán. Ezeulu ní ọmọkùnrin mìíràn, èyí tí ọkàn rẹ̀ fà sí jù, Nwafo, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé. Nígbà tí Ugoye, ìyá Oduche, béèrè ìdí tó fi jẹ́ ọmọ tòun ni yóò lọ, ọkọ rẹ̀ kò dá a lóhùn rere. Ọ̀nà tí ẹni tó ní ju ọ̀kan lọ fi ń ta tẹ́tẹ́ ni èyí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Chege ní, ó sì rán an lọ.

Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni gbólóhùn kókó àròkọ rẹ yóò ti jáde. Bí èmi bá ń kọ ọ́, báyìí ni màá ṣe sọ ọ́: nínú ìwé méjèèjì, baba kan rán ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ òyìnbó láti lọ gba agbára wọn wálé, iṣẹ́ náà sì forí ṣánpọ́n, ṣùgbọ́n nítorí pé baba ni ìtàn Achebe tẹ̀ lé, ìdàrúdàpọ̀ hàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí kò dé etí ẹni tó ránni mọ́, ọmọ ni ìtàn Ngũgĩ tẹ̀ lé, ìdàrúdàpọ̀ sì hàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ méjì tí kò lè gbé inú ẹnìkan ṣoṣo. O rí i pé ìjọra ló ṣáájú, tí ìyàtọ̀ sì tẹ̀ lé e, àti pé ìdí kan wà láàárín wọn, ìyẹn ẹni tí ìtàn náà tẹ̀ lé. Bí kò bá sí ìdí náà, àkójọ àkíyèsí lásán ni yóò kù.

Gbólóhùn yìí náà ni yóò tò àwọn ìpínrọ̀ rẹ fún ọ. Kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́, lẹ́yìn náà lórí ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bọ̀ wálé, kí o wá parí rẹ̀ sórí bí ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe parí. Ní abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti sọ ti ìwé kan tán kí wọ́n tó bọ́ sórí èkejì, ọ̀nà yẹn sì dára fún àròkọ ojú ewé kan tàbí méjì, níbi tí òǹkàwé ṣì lè rántí ohun tó kà ṣáájú. Ní ojú ewé mẹ́fà, òǹkàwé yóò ti gbàgbé Oduche kí ó tó bá Waiyaki pàdé.

Jẹ́ kí a mú ìpínrọ̀ àárín kí a sì tún un ṣe pọ̀. Báyìí ni mo ṣe máa ń rí i nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Nínú ìwé Achebe, Oduche ti òjòlá mímọ́ mọ́ inú àpótí. Èyí fi hàn pé ẹ̀sìn òyìnbó kò jẹ́ kí àwọn ọmọ bọ̀wọ̀ fún àṣà mọ́. Bákan náà, nínú ìwé Ngũgĩ, Waiyaki kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí Marioshoni. Èyí fi hàn pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ní ipa lórí àwọn ọmọ." Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fi ọwọ́ bo gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn, àwọn méjì àkọ́kọ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àti pé "èyí fi hàn pé" fò kọjá ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ìdí wo ló fi jẹ́ àpótí? Oduche lè fi igi fọ́ ọ lórí.

Padà sínú ìwé kí o wò ó. Goodcountry, oníwàásù ìjọ náà, ń rọ àwọn ọmọ ìjọ láti pa òjòlá tí gbogbo Umuaro mọ̀ sí ti òrìṣà Idemili. Oduche fẹ́ fi hàn pé òun náà gbójú, ẹ̀rù sì ń bà á láti pa á. Ó ti ọ̀kan mọ́ inú àpótí tí Moses Unachukwu kàn fún un, kí ó lè kú síbẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló pa á. Ní agbo ilé baba rẹ̀ ni àpótí náà wà tó ń mì, Ezeulu ni ó sì já a níwájú gbogbo ènìyàn. Òjòlá náà ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tàn dé ọ̀dọ̀ àlùfáà Idemili, ọ̀tá rẹ̀. Ọmọ tí ó rán pé kó lọ máa ṣe ojú ti ń pa nǹkan mọ́ fún un nínú ilé ara rẹ̀.

Nísinsìnyí, ìpínrọ̀ náà lè rí báyìí: "Ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bọ̀ wálé ń fi ibi tí iṣẹ́ náà ti já hàn. Àpótí tí a tì pa ni Oduche mú wá sí agbo ilé baba rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni Waiyaki gbé kalẹ̀ sí Marioshoni, tí àwọn ènìyàn sì fi ń pè é ní Olùkọ́. Ní Umuaro, baba wà láàyè tó ń retí ìròyìn, ọmọ ni kò mú un wá. Ní Kameno, ọmọ mú ohun tí wọ́n rán an wá, ṣùgbọ́n Chege ti kú kí ó tó fi í lé e lọ́wọ́, Kiama, ìgbìmọ̀ ìlú tó kù tí yóò gbà á, sì ti mú un búra pé yóò pa ètò ìran mọ́ láìlábàwọ́n. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ ni ó ba iṣẹ́ Oduche jẹ́, ìbúra ni ó ba ti Waiyaki jẹ́." Bo ìwé kan nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò dojú dé. Kíyè sí i pẹ̀lú pé "bákan náà" kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn nǹkan méjì tí a lè fojú rí, àpótí àti ilé-ẹ̀kọ́, ni ó gbé ìfiwéra náà.

Ẹnìkan wà nínú ìwé Ngũgĩ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́, èyí sì máa ń dùn mí, nítorí òun gan-an ni yóò sọ àròkọ rẹ di tìrẹ. Muthoni ni mò ń sọ, ọmọ Joshua, oníwàásù tó le koko ní Makuyu, òkè tó dojú kọ Kameno. Kò sẹ́ni tó rán an níbikíbi. Inú ilé ìgbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọdá odò Honia lọ sí Kameno láti lọ dá abẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ó fẹ́ jẹ́ onígbàgbọ́, ó sì fẹ́ di obìnrin nínú ẹ̀yà rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà kò jinná. Kí ó tó kú, ó ní kí Waiyaki sọ fún Nyambura, ẹ̀gbọ́n òun, pé òun rí Jésù, àti pé òun ti di obìnrin. Ìrìn Oduche ni ó rìn sẹ́yìn: Oduche kúrò nílé òrìṣà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí àṣẹ baba rẹ̀, Muthoni kúrò nílé ìwàásù lọ síbi ètò ìṣẹ̀ǹbáyé lòdì sí àṣẹ baba tirẹ̀. Òun nìkan, nínú ìwé méjèèjì, ni ó gbìyànjú láti gbé nǹkan méjèèjì pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e lé e lórí, ara rẹ̀ ló sì fi san án. Ikú rẹ̀ ló fọ́ àwọn òkè méjèèjì sí wẹ́wẹ́: Siriana lé àwọn ọmọ tí òbí wọn kò kọ ètò náà sílẹ̀, Kabonyi sì fi Joshua sílẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀. Ìtàn gidi wà lẹ́yìn èyí, nítorí ní ọdún 1929 ni ọ̀rọ̀ dídá abẹ́ fún obìnrin da àwọn míṣọ́ọ̀nù àti àwọn Gĩkũyũ rú, tí ọ̀pọ̀ òbí sì kó ọmọ wọn kúrò nílé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù. Fún Muthoni ní ìpínrọ̀ kan tó kún, kí o sì fi sí ẹ̀gbẹ́ Oduche, má fi sí ẹ̀gbẹ́ Waiyaki.

Ṣọ́ra fún àṣìṣe kan tí olùkọ́ rẹ yóò tún fi ìlà pupa sí lábẹ́: má ṣe kọ ọ́ pé ìlú náà wà ní ìrẹ́pọ̀ kí òyìnbó tó dé. Umuaro ti bá Okperi, ìlú tó múlé tì í, jagun lórí ilẹ̀. Ezeulu jẹ́rìí tako ìlú ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, Nwaka, ọlọ́rọ̀ tó ń bá a ṣọ̀tá, kò sì dárí rẹ̀ jì í. Kameno àti Makuyu ti ń dojú kọ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì mọ̀ pé ògiri ti lanu, aláǹgbá ló ráyè wọ̀ ọ́. Bí aláǹgbá náà ṣe hàn ni ó yàtọ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú sì tó fún un: Achebe mú wa wọ inú ilé Winterbottom àti Clarke, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó ní Okperi, a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí àṣẹ tó ní kí wọ́n wá olóyè yàn, nígbà tó jẹ́ pé a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí Livingstone, míṣọ́nárì Siriana, àti pé ìjọba òun owó orí kàn ń sún mọ́ àwọn òkè náà láti ọ̀nà jíjìn ni. Èyí bá gbólóhùn kókó rẹ mu. Ezeulu kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Okperi, àwa òǹkàwé ni a rí i, a sì mọ iye ohun tí ojú rẹ̀ kò rí fún un. Waiyaki kò rí i, àwa náà kò rí i.

Fi èyí tó pọ̀ jù nínú àyè tó kù fún ìparí ìwé méjèèjì. Ezeulu kọ̀ láti jẹ́ olóyè òyìnbó, wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé ní Okperi. Oṣù tuntun méjì lé lójú rẹ̀ níbẹ̀, kò sì lè jẹ iṣu mímọ́ tó yẹ kí ó jẹ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó padà dé, ó ní òun kò lè kéde ọjọ́ ọdún iṣu tuntun títí òun yóò fi jẹ àwọn tó ṣẹ́kù. Iṣu ń jẹrà nínú ebè. Goodcountry wá kéde pé ẹni tó bá mú iṣu rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lè wa ìyókù láìbẹ̀rù Ulu. Oduche mọ̀, kò sọ fún baba rẹ̀. Ẹnu ẹlòmíràn ni Ezeulu ti gbọ́ ọ, ó sì bá ọmọ náà wí kíkankíkan pé kì í ṣe irú ojú tí òun rán nìyí. Nínú ìlà tó gbẹ̀yìn ìwé náà, àwọn baba Umuaro ń rán ọmọ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú iṣu kan tàbí méjì, wọ́n sì ń wa oko wọn ní orúkọ ọmọ. Èdè wa gbé ìlọ́po ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀ dáadáa, nítorí "ní orúkọ Ọmọ" ni onígbàgbọ́ ń wí nígbà tó bá ń ṣe ìbùkún. Ohun tí ọkùnrin kan ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni gbogbo ìlú ń ṣe ní ìparí rẹ̀.

Ní ìparí ìwé Ngũgĩ, àwọn ènìyàn pé jọ sí etí Honia, Waiyaki fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan. Kabonyi mú Nyambura, ọmọ Joshua tí Waiyaki fẹ́ràn, wá síwájú wọn, wọ́n ní kí Waiyaki sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ ẹ. Wọ́n fi àwọn méjèèjì lé Kiama lọ́wọ́, àwọn ènìyàn tú ká nínú òkùnkùn, ojú sì ń tì wọ́n. Odò náà ń ṣàn lọ. Ngũgĩ kò sọ ìdájọ́ náà fún wa. Nígbà tí o bá kọ ìpínrọ̀ yìí, dúró sórí ọ̀rọ̀ orúkọ: ní Umuaro, orúkọ ọmọ ni gbogbo baba ń dì mú kí wọ́n lè jẹun, ní etí Honia, ìlú béèrè pé kí ọmọ náà sẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ó kọ̀, wọ́n sì fi í lé àwọn tó mú un búra lọ́wọ́. Má tún kọ ìpínrọ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ láti sọ pé ìjọba amúnisìn burú. Olùkọ́ rẹ yóò ti rí i níbẹ̀.